Ìwé méjì ni kí ẹ kọ kí àdéhùn tó tún ara rẹ̀ ṣe

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní bọ́ọ̀sì mẹ́ta tó ń gbé òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ kan lójú ọ̀nà Ṣágámù láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Àdéhùn ọdún méjì wa yóò parí ní ọjọ́ 31 Oṣù Kẹta ọdún tó ń bọ̀. Ìwé náà sọ pé yóò tún ara rẹ̀ ṣe fún ọdún kan bí ẹnikẹ́ni nínú wa kò bá kọ̀wé, ó kéré tán, ní 60 ọjọ́ ṣáájú. Mílíọ̀nù kan náírà ni wọ́n ń san lórí bọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan lóṣù, lẹ́yìn 60 ọjọ́ tí mo bá fi ìwé owó ránṣẹ́ ni wọ́n sì ń san án. Owó yẹn kò gbé epo mọ́. Báwo ni mo ṣe máa rán wọn létí, kí n sì béèrè àfikún, tí iṣẹ́ náà kò fi ní bọ́ lọ́wọ́ mi?

Ìdáhùn: Ìwé méjì ni kí ẹ kọ, kí ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n dàpọ̀ mọ́ra. Èkíní ni ìwé ìránnilétí tó gbé owó tuntun kalẹ̀, èyí tí ẹ ó fi ránṣẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ Oṣù Kọkànlá. Èkejì ni ìwé kúkúrú tó sọ ní pàtó pé ẹ kò fẹ́ kí àdéhùn náà tún ara rẹ̀ ṣe, èyí tó gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ wọn ní àárín Oṣù Kìíní bí wọn kò bá tíì fọwọ́ sí ìlànà tuntun nígbà náà. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yín ló ń kọ èkíní, tí wọ́n sì gbà pé ó ti ṣe iṣẹ́ èkejì. Kò ṣe é.

Ẹ tún gbólóhùn tí ẹ sọ yẹn kà. Kò bi yín bóyá owó náà tẹ́ yín lọ́rùn, kò sì bi yín bóyá ẹ ti ń bá wọn sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló ń béèrè: ṣé ẹnìkan kọ̀wé, ní 60 ọjọ́ ṣáájú, pé òun kò tẹ̀ síwájú mọ́ lórí àdéhùn yìí? Bí ẹ bá kọ̀wé pé inú yín yóò dùn bí ẹ bá lè jókòó pọ̀ láti tún owó náà yẹ̀ wò, ìbéèrè lẹ kọ, ẹ kò tíì dá àdéhùn náà dúró. Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ bá di ti agbẹjọ́rò, ohun tí ìwé sọ ni wọn yóò tẹ̀ lé, kì í ṣe ohun tó wà lọ́kàn yín nígbà tí ẹ ń kọ ọ́.

Èmi gan-an jìn sí kòtò yìí nígbà kan. Mo kọ ìwé ọlọ́wọ̀ kan sí oníbàárà kan ní oṣù mẹ́ta ṣáájú ìparí àdéhùn, mo dúpẹ́, mo ṣàlàyé bí nǹkan ṣe gbówó lórí, mo sì ní kí wọ́n fún wa ní àyè ìjókòó. Wọ́n dá mi lóhùn pé àwọn ti gbọ́, pé àwọn ń gbé e yẹ̀ wò. Wọ́n gbé e yẹ̀ wò títí ọjọ́ fi kọjá, lẹ́yìn náà ni wọ́n wá sọ fún mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé àdéhùn ti tún ara rẹ̀ ṣe. Odindi ọdún kan ni mo fi ṣe iṣẹ́ náà lórí owó àtijọ́. N kò lè sọ pé wọ́n rẹ́ mi jẹ, nítorí èmi náà ni mo fọwọ́ sí gbólóhùn yẹn.

Ní ti ọjọ́, bí ẹ bá ka 60 ọjọ́ sẹ́yìn láti ọjọ́ 31 Oṣù Kẹta ní ọdún tí Oṣù Kejì rẹ̀ jẹ́ ọjọ́ 28, ọjọ́ 30 Oṣù Kìíní ni ẹ ó bá a. Ẹ má fi ìwé náà sílẹ̀ di ọjọ́ yẹn, nítorí àríyànjiyàn lè bẹ́ sílẹ̀ lórí bóyá a ka ọjọ́ tí ìwé dé mọ́ ọn tàbí a kò kà á, ọjọ́ náà sì lè bọ́ sí òpin ọ̀sẹ̀. Ọjọ́ 15 Oṣù Kìíní ni kí ẹ fi ṣe òpin tiyín. Ẹ wo abala tó sọ bí a ṣe ń fi ìwé ránṣẹ́ pẹ̀lú, ìparí ìwé àdéhùn ló máa ń wà, níbi tí ojú ti máa ń rẹ èèyàn. Bí ó bá sọ pé sí àdírẹ́sì olú iléeṣẹ́ ní Èkó ni kí a máa kọ̀wé sí, ìwé tí ẹ fún máníjà ní Ṣágámù lè má jẹ́ ìwé lójú òfin. Bí kò bá dárúkọ ímeèlì, ẹ fi ímeèlì ránṣẹ́ bí ẹ bá fẹ́, ṣùgbọ́n ẹ mú ìwé gan-an lọ. Wọ́ọ̀sáàpù dára fún pípe ara ẹni sí ìpàdé, kò dára fún èyí. Ẹ mú ẹ̀dà méjì dání, kí wọ́n gba ọ̀kan, kí wọ́n sì lu òǹtẹ̀ iléeṣẹ́ mọ́ èkejì pẹ̀lú ọjọ́ àti ìfọwọ́sí ẹni tó gbà á. Bí ẹ bá fi sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì, ẹ kò ní ẹ̀rí kankan pé ó wọlé.

Ìdí tí mo fi ní kí ìwé owó tuntun lọ ní Oṣù Kọkànlá kò sí nínú àdéhùn yín rárá. Bí ọdún ìṣúná wọn bá ń bẹ̀rẹ̀ ní Oṣù Kìíní, gẹ́gẹ́ bí ti púpọ̀ nínú iléeṣẹ́ wa, láàárín Oṣù Kẹwàá sí Oṣù Kejìlá ni ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ń kọ iye tó fẹ́ ná. Máníjà tó fẹ́ràn iṣẹ́ yín, tí ìwé yín sì bá ní Oṣù Kejì, yóò ní láti padà lọ bá ọ̀gá ìṣúná láti tọrọ owó tí kò sí nínú ètò, ìyẹn sì ni ohun tí kò sí òṣìṣẹ́ tó ń fẹ́ ṣe. Bí ó bá bá a ní Oṣù Kọkànlá, iye yín yóò kàn di ìlà kan láàárín ọ̀pọ̀ ìlà. Nítorí náà, kí ìwé tó lọ, ẹ pè é ní Oṣù Kẹwàá, kí ẹ sọ fún un lẹ́nu pé àdéhùn ń parí lọ, pé owó yóò yí padà, kí ẹ sì béèrè ìgbà tí wọ́n ń ti ètò ìṣúná wọn. Ẹ má dárúkọ iye kankan lórí fóònù.

Ó wá kan iye náà. Ọ̀rọ̀ pé nǹkan ti wọ́n kò ta létí ẹnikẹ́ni mọ́ ní Nàìjíríà. Láti ìgbà tí owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ ní Oṣù Karùn-ún 2023, tí wọ́n sì fi náírà sílẹ̀ fún ọjà ní oṣù tó tẹ̀ lé e, gbogbo ẹni tó ń tajà fún iléeṣẹ́ yín ló ń kọ gbólóhùn kan náà. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni kí ẹ tú owó yín palẹ̀, lójú ìwé kan, kí ẹni tó ń kà á rí ibi tí náírà kọ̀ọ̀kan ń gbà.

Ẹ jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ ṣe é, kí ẹ fi iye tiyín rọ́pò tèmi. Ká ní bọ́ọ̀sì kan ń jẹ 400 lítà epo dísẹ́ẹ̀lì lóṣù, tí rìsíìtì oṣù tí ẹ fọwọ́ sí àdéhùn sì fi hàn pé ₦1,000 ni lítà kan. Epo jẹ́ ₦400,000 nígbà náà. Ẹ fi owó awakọ̀ ₦120,000 lé e, táyà àti àtúnṣe ₦180,000, adójútòfò àti ìwé ọkọ̀ ₦30,000: gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦730,000. Nínú mílíọ̀nù kan, ₦270,000 ló ṣẹ́ kù láti fi san gbèsè ọkọ̀ àti láti fi jẹun. Ká wá ní lítà ti di ₦1,300. Epo ti di ₦520,000. Owó awakọ̀ ti di ₦160,000, nítorí láti Oṣù Keje 2024 tí owó oṣù tó kéré jù ti kúrò ní ₦30,000 bọ́ sí ₦70,000, àwọn awakọ̀ náà ti gbé tiwọn sókè. Táyà àti àtúnṣe jẹ́ ₦260,000, ìwé ọkọ̀ ₦40,000. Àpapọ̀ rẹ̀ di ₦980,000. Ohun tó ṣẹ́ kù lórí bọ́ọ̀sì kan jẹ́ ₦20,000, táyà kan tó bá bẹ́ lójú ọ̀nà ti kó o lọ.

Pẹ̀lú irú ìṣirò yìí, ọ̀pọ̀ èèyàn yóò béèrè ₦1,250,000, kí èrè àtijọ́ lè padà pé pérépéré. Èmi kò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Bí a bá ń gé igi nínú igbó, ká fi ọ̀rọ̀ ro ara wa wò: ohun tí iléeṣẹ́ ń bẹ̀rù jù kì í ṣe àfikún òní, bí kò ṣe pé ẹ tún lè padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́rin. Nítorí náà, ẹ ta ìfọkànbalẹ̀ fún wọn. Ẹ béèrè ₦1,200,000, kí ẹ sì fi gbólóhùn kan tì í lẹ́yìn tó so epo nìkan mọ́ iye ọjà. ₦1,300 ni kí ẹ fi ṣe ìpìlẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí lítà kan bá wà láàárín ₦1,170 sí ₦1,430, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́wàá sísàlẹ̀ tàbí sókè, owó kò yí. Bí ó bá kọjá ààlà yìí, ìyàtọ̀ láti ìpìlẹ̀ lórí 400 lítà ni a ó fi kún un tàbí yọ kúrò. Bí lítà bá di ₦1,500, ₦80,000 wọlé, owó oṣù di ₦1,280,000. Bí ó bá já sí ₦1,100, ₦80,000 kúrò, ó di ₦1,120,000. Ẹ kọ ilé epo tí ẹ ó máa wo iye rẹ̀ àti ọjọ́ inú oṣù tí ẹ ó wò ó, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, oṣooṣù ni ẹ ó máa jà lórí rìsíìtì ta ni ó tọ̀nà.

Apá tó ń sọ̀ kalẹ̀ yẹn ni ọ̀gá ìṣúná yóò kọ́kọ́ wá. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ ti fi hàn pé ọ̀nà kan ṣoṣo ni òṣùwọ̀n yín ń gbà. Bí ó bá sì wà níbẹ̀, yóò nira fún un láti sọ pé àfikún yín kò ní ìdí.

Ohun kejì tó yẹ kí ẹ fi ṣe pàṣípààrọ̀ ni 60 ọjọ́ tí wọ́n fi ń dá owó yín dúró. Owó tó wà lọ́wọ́ oníbàárà fún oṣù méjì, ẹ̀yin ni ẹ ń yá a fún un láì gba èlé. Ní Oṣù Kọkànlá 2024, báńkì àpapọ̀ gbé ìwọ̀n èlé tirẹ̀ dé 27.5 nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ sì mọ̀ pé báńkì tí ẹ̀yin ń yáwó lọ́wọ́ rẹ̀ kì í sábà gba iye tó kéré sí ti báńkì àpapọ̀. Bí ti báńkì yín bá jẹ́ 30 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún, 2.5 ni lóṣù. Lórí ₦1,200,000, oṣù kan jẹ́ ₦30,000. Nítorí náà, ẹ fún wọn ní ọ̀nà méjì tó jẹ́ ọgbọọgba fún yín: ₦1,200,000 bí wọ́n bá ń san án láàárín 30 ọjọ́, tàbí ₦1,230,000 bí wọ́n bá fẹ́ kí ó wà ní 60 ọjọ́. Ẹni tí a fún ní ọ̀nà méjì máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ronú èyí tó dára fún òun, kò ní jókòó ti bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ṣùgbọ́n kí ẹ rí i dájú pé inú yín dùn sí méjèèjì kí ẹ tó kọ wọ́n sílẹ̀.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ ó fi kọ ọ́ sí iléeṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n báyìí ni ọ̀rọ̀ inú ìwé àkọ́kọ́ ṣe yẹ kí ó rí:

“Ọ̀gá mi ọ̀wọ́n, àdéhùn gbígbé òṣìṣẹ́ tó wà láàárín wa yóò parí ní ọjọ́ 31 Oṣù Kẹta. A fẹ́ máa bá yín ṣiṣẹ́ lọ fún ọdún méjì mìíràn lórí ìlànà tí a kọ sísàlẹ̀ yìí. Owó oṣù lórí bọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan yóò jẹ́ ₦1,200,000 bí ìsanwó bá wà láàárín 30 ọjọ́, tàbí ₦1,230,000 bí ó bá wà ní 60 ọjọ́. Owó epo nìkan ni yóò máa yí, sókè tàbí sísàlẹ̀, ní ọ̀nà tí ìwé ìṣirò tó tẹ̀ lé èyí fi hàn. Àkókò ìrìn, ojú ọ̀nà àti iye bọ́ọ̀sì kò yí padà. A bẹ̀ yín kí ẹ dá wa lóhùn kí ọjọ́ 10 Oṣù Kejìlá tó kọjá, kí àwa méjèèjì lè fọwọ́ sí ìwé tuntun kí Oṣù Kìíní tó dé àárín. Títí a ó fi fọwọ́ sí i, ìwé yìí kò so ẹnikẹ́ni mọ́lẹ̀, àdéhùn tó wà nílẹ̀ ni a ó sì máa tẹ̀ lé.”

Ẹ kíyè sí i pé kò sí ìhàlẹ̀ níbẹ̀, kò sì sí ẹ̀bẹ̀. Ẹ má kọ pé ẹ ó kó ọkọ̀ yín nílẹ̀. Bí ẹ bá kó wọn nílẹ̀ kí ọjọ́ 31 Oṣù Kẹta tó pé, ẹ̀yin ni ẹ da àdéhùn. Bí òṣìṣẹ́ kò bá rí ọkọ̀ wọ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ kan péré, ọ̀rọ̀ owó ti kúrò nílẹ̀, ọ̀rọ̀ ìwà yín ló kù.

Bí àárín Oṣù Kìíní bá dé láìsí ìfọwọ́sí, ìwé kejì ni ó kàn, kò sì gbọ́dọ̀ ju ìlà mẹ́rin lọ:

“Lábẹ́ abala àdéhùn wa tó sọ nípa ìtúnṣe rẹ̀, a fi èyí sọ fún yín pé a kò fẹ́ kí ó tún ara rẹ̀ ṣe. Yóò parí ní ọjọ́ 31 Oṣù Kẹta. Ìlànà tí a fi ránṣẹ́ sí yín ní Oṣù Kọkànlá ṣì wà nílẹ̀ fún yín títí di ọjọ́ 28 Oṣù Kejì. Ọ̀rọ̀ tó bá ń lọ láàárín wa lórí rẹ̀ kò fagi lé ìwé yìí.”

Ìlà tó kẹ́yìn yẹn ni ẹ kò gbọ́dọ̀ gbàgbé, nítorí ẹnìkan lè sọ pé bí ẹ ṣe ń bá wọn jókòó sọ̀rọ̀ ní Oṣù Kejì fi hàn pé ẹ ti yí ọkàn padà. Ẹ pe máníjà náà kí ìwé tó dé, kí ẹ sọ fún un pé ọjọ́ inú àdéhùn ló fà á, kì í ṣe ìjà.

N kò ní tàn yín: ìwé kejì yìí ní ewu. Ó tú yín sílẹ̀, ó sì tú àwọn náà sílẹ̀. Kí ẹ tó fi ránṣẹ́, ẹ béèrè lọ́wọ́ onímọ́tò méjì tàbí mẹ́ta tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí lójú ọ̀nà kan náà iye tí wọ́n ń gbà. Bí iye wọn bá sún mọ́ tiyín tàbí tó jù ú lọ, kò sí ibi tí iléeṣẹ́ náà yóò sáré lọ. Bí iye wọn bá kéré sí i gan-an, ẹ má fi ìwé náà ránṣẹ́ láì kọ́kọ́ wádìí ìdí, nítorí ó lè jẹ́ pé ọkọ̀ tiyín ló ń mu epo jù. Àmọ́ bí ₦20,000 lóṣù ni ẹ ó máa bá a yí fún odindi ọdún kan, ẹ bi ara yín bóyá iṣẹ́ tí ẹ̀rù rẹ̀ ń bà yín pé ó máa bọ́ lọ́wọ́ yín ṣì jẹ́ iṣẹ́.

Wọn yóò fèsì, bóyá pẹ̀lú iye tiwọn. Ká ní wọ́n kọ ₦1,120,000. Bí ẹ bá kọ padà pé rárá, ₦1,180,000 ni ẹ fẹ́, ẹ ti pa ₦1,120,000 náà, ẹ kò lè padà wá gbà á bí wọ́n bá yarí. Láti 1840 ni ilé ẹjọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti sọ bẹ́ẹ̀ nínú ẹjọ́ Hyde àti Wrench: wọ́n fi oko kan lọ ọ̀gbẹ́ni Hyde ní 1,000 pọ́n-ùn, ó ní 950 ni òun yóò san, ẹni tó ni oko kò gbà, Hyde wá ní òun ti gba 1,000 náà, ilé ẹjọ́ sì ní kò sí ohun tó kù fún un láti gbà. Ìlànà yẹn wà nínú òfin àdéhùn tí àwa náà jogún. Ẹ béèrè ìbéèrè dípò kíkọ̀: “Ṣé ẹ lè mú ìsanwó wá sí 30 ọjọ́ lórí iye yẹn?” Ìbéèrè lásán kì í pa ohun tí wọ́n fi lọ yín.

Bí ọjọ́ 31 Oṣù Kẹta bá dé tí ẹ ṣì ń sọ̀rọ̀, ẹ má jẹ́ kí bọ́ọ̀sì jáde ní àárọ̀ ọjọ́ kejì láìsí ìwé kankan. Bí wọ́n bá ń gbé òṣìṣẹ́ lọ bẹ́ẹ̀, tí iléeṣẹ́ sì ń san mílíọ̀nù kan, ìwà yín méjèèjì lè di ẹ̀rí pé ẹ ṣì wà lórí ìlànà àtijọ́. Ìwé ojú ewé kan tó sún iṣẹ́ síwájú fún 30 ọjọ́ lórí ₦1,200,000 ti tó, kí ẹnìkan tó ní àṣẹ fọwọ́ sí i níbẹ̀, kì í ṣe akọ̀wé rẹ̀. Kí ẹ sì wo ìwé owó Oṣù Kẹrin dáadáa kí ẹni tó ń bá yín tẹ̀ ẹ́ tó fi ránṣẹ́, nítorí ẹ̀dà ti Oṣù Kẹta ni yóò ṣí sílẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, yóò yí ọjọ́ padà, yóò sì gbàgbé iye.